Àmì 68: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Gbé Ojú Kan Wọ Ojú Mìíràn

Ẹni tó bá gé ojú kúrò nínú fọ́tò kan tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ẹlòmíràn yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ náà kò gún. Ẹyinjú kan a ga ju èkejì lọ, imú a yà sí ẹ̀gbẹ́, ẹnu a bọ́ sórí àgbọ̀n. Orí méjèèjì kò tóbi bákan náà, wọn kò dúró bákan náà, egungun tó wà lábẹ́ awọ wọn sì yàtọ̀. Síbẹ̀, fóònù tó wà lọ́wọ́ wa ń ṣe é wẹ́rẹ́, tí ọ̀rẹ́ méjì tó jókòó pọ̀ a fi pààrọ̀ ojú lórí síkírìnì. Kí fóònù náà tó gé ohunkóhun, ó ní láti mọ ibi tí ẹyinjú, imú àti ẹnu wà lójú kìn-ín-ní, kó sì mọ ohun tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu lójú kejì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí ni ti àmì 68. Àwọn olùwádìí ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ènìyàn jọ, wọ́n sì rí i pé ojú kọ̀ọ̀kan ní àmì 68 tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti òdo la ó ti máa kà á níbí. Àmì 0 dé 16 tẹ̀lé etí ojú láti ìdí etí kan, ó gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá, ó sì parí sí ìdí etí kejì. Àmì 17 dé 26 wà lórí irun tó wà lókè ẹyinjú méjèèjì, 27 dé 35 jẹ́ ti imú, 36 dé 47 yí ẹyinjú méjèèjì ká, àwọn 20 tó kù sì jẹ́ ti ètè.

Nọ́ńbà yẹn ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró. Àmì 36 ni igun ẹyinjú ọ̀tún tó kọjú sí etí, lójú ọmọdé tàbí àgbàlagbà, lójú ẹni tó sanra tàbí ẹni tó tínrín. Àmì 30 ni góńgó imú, àmì 8 sì ni ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí imú ń jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé 30 ti ibí gbọ́dọ̀ lọ bá 30 ti ọ̀hún.

Báwo ló ṣe ń rí àwọn àmì náà lójú tí kò rí rí? Lọ́dún 2014, Vahid Kazemi àti Josephine Sullivan, tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga KTH ní Stockholm, gbé ọ̀nà kan jáde tó ń ṣe é láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀nà yìí ló wà nínú dlib, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, nínú fáìlì tó ń jẹ́ `shape_predictor_68_face_landmarks.dat`. Ètò mìíràn á kọ́kọ́ fa àpótí yí ojú ká. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà á gbé àmì 68 tí ìtò wọn jẹ́ àròpín gbogbo ojú tó fi kọ́ iṣẹ́ sínú àpótí yẹn, bí télọ̀ ṣe máa ń tẹ́ bátánì tó ti wà nílẹ̀ sórí aṣọ kó tó máa tún un ṣe fún ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Àmì kankan kò ní bọ́ síbi tó yẹ nígbà àkọ́kọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè kéékèèké: ṣé píksẹ́lì yìí mọ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣé ìyàtọ̀ wọn pọ̀ tó iye báyìí? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á ti àwọn àmì díẹ̀ sí apá kan. Nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì yìí, ìpele mẹ́wàá ni títi náà ní, igi ìbéèrè 500 sì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá fi dé ìpele ìkẹyìn, àwọn àmì ti jókòó sí igun ẹyinjú àti etí ètè.

Ẹ jẹ́ ká wá mú fọ́tò méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, àbúrò kọjú sí kámẹ́rà gan-an. Àárín ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún wà ní (120, 150), ìyẹn ni píksẹ́lì 120 láti apá òsì fọ́tò àti 150 láti òkè. Ti òsì wà ní (180, 150), góńgó imú rẹ̀ sì wà ní (150, 190). Nínú fọ́tò kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì súnmọ́ kámẹ́rà jù ú lọ. Ẹyinjú tirẹ̀ wà ní (200, 240) àti (272, 294). Ojú àbúrò la fẹ́ gbé wọ ti ẹ̀gbọ́n.

Láàárín ẹyinjú àbúrò, píksẹ́lì 60 ló wà. Ti ẹ̀gbọ́n lọ sí ọ̀tún ní 72, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní 54, èyí tó jẹ́ 90 tí a bá wọ̀n ọ́n tààrà. Nítorí náà, a ó sọ ojú àbúrò di ìlọ́po 1.5, a ó yí i ní nǹkan bíi ìwọ̀n 37, a ó sì sún un títí ẹyinjú àkọ́kọ́ yóò fi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
x2 = 1.2*x - 0.9*y + 191
y2 = 0.9*x + 1.2*y - 48
```

Ẹ fi 120 àti 150 sí i, yóò fún yín ní 200 àti 240 gẹ́lẹ́. Ẹ fi ẹyinjú kejì sí i, òun náà yóò bọ́ sí (272, 294). Ẹyinjú ti bára mu. Ṣùgbọ́n ẹ fi góńgó imú sí i: (200, 315) ló bọ́ sí, nígbà tí góńgó imú ẹ̀gbọ́n wà ní (193, 325), nítorí imú tirẹ̀ gùn ju ti àbúrò lọ. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ píksẹ́lì 12. Lójú tí ẹyinjú rẹ̀ fi 90 jìnnà síra, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ihò imú àbúrò yóò hàn lórí imú ẹ̀gbọ́n, níbi tí kò yẹ kí ihò wà.

Ìdí nìyí tí a kì í fi fi ẹyinjú méjì nìkan ṣe ìdiwọ̀n. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Procrustes máa ń kó gbogbo àmì pọ̀, á sì wá ìtóbi, ìyípo àti ìsúnkiri kan ṣoṣo tí àṣìṣe gbogbo wọn lápapọ̀ yóò fi kéré jù. Ẹyinjú lè wá ṣìnà díẹ̀, kí imú lè súnmọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń yọ àmì etí ojú, 0 dé 16, kúrò nínú ìṣirò yìí, mo sì gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Igun ẹyinjú ní ibi kan pàtó tó dúró sí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sàmì sí ibì kan lára párì yàtọ̀ sí ibi tó tẹ̀ lé e, nítorí náà àmì ibẹ̀ máa ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Tí a bá fi wọ́n ṣe òdiwọ̀n, wọn á fa ẹyinjú àti ẹnu kúrò nípò wọn.

Títí di ibí, a kò tíì yí ìrísí ojú àbúrò padà. Ó kàn tóbi sí i, ó yí, ó sì sún. Àṣìṣe tó kù lára imú àti ẹnu, onígun mẹ́ta ni yóò pa á rẹ́. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà láti àmì sí àmì títí gbogbo ojú yóò fi di onígun mẹ́ta kéékèèké. Òfin tó ń tẹ̀ lé jẹ́ ti Boris Delaunay, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, tó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1934: òbìrí tó bá gba igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kò gbọdọ̀ ní àmì mìíràn nínú. Òfin yìí ń dín onígun mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ kù, nítorí àwọn yẹn ló máa ń fa àwòrán ya. Ojú kan ṣoṣo la ó ti ṣe pípín yìí. A ó kọ nọ́ńbà igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, a ó sì lo àkọsílẹ̀ kan náà fún ojú kejì. Ẹni tó bá pín ojú méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò rí i pé onígun mẹ́ta wọn kò bára mu mọ́, tí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ a wá bọ́ sórí ètè.

Tí a bá ti mọ ibi tí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ, gbogbo ohun tó wà láàárín wọn ti mọ ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é: ó dúró lórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan lójú ẹ̀gbọ́n, ó sì padà lọ béèrè lójú àbúrò pé àwọ̀ wo ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ àbúrò ló ti ń kó àwọ̀ lọ ni, ihò kéékèèké yóò kù níbi tí ojú ti fẹ̀ sí i. Ó wá ku kí àwọ̀ ara méjèèjì wọ ara wọn létí, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ jù ni orí àmì fúnra wọn. Ètò dlib yìí kì í sọ pé òun kò rí ẹnu. Kí ènìyàn fi ọwọ́ bo ẹnu, kó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, àmì 68 náà ni yóò mú wá, á kàn méfò. Nígbà tí ojú bá yí jù, àwọn àmì ẹ̀gbẹ́ tí kò hàn á rọ́ jọ sí ẹ̀bá imú, onígun mẹ́ta kan a sì dojú dé. Ẹ ya àmì náà sórí fọ́tò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó.

Ti ẹnu tún yàtọ̀. Tí àbúrò bá pa ẹnu dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmì ètè inú, 60 dé 67, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlà kan lójú àbúrò. Kọ̀ǹpútà á fa ìlà ètè yẹn fẹ̀ títí yóò fi kún ẹnu tó là. Eyín kò sí nínú fọ́tò àbúrò, nítorí náà pupa ètè tó gùn wọ̀ọ̀rọ̀ ni yóò wà níbi tó yẹ kí eyín wà. Ìṣirò kankan kò lè tún ìyẹn ṣe. Fọ́tò mìíràn ni kí ẹ lọ wá, tàbí kí ẹ fi inú ẹnu ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Nínú gbogbo àmì 68, kò sí ẹyọ kan láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí náà onígun mẹ́ta ńláńlá ló bo ibẹ̀. Lójú ẹni tó kọ àbàjà tàbí pélé, ibẹ̀ gan-an ni ilà wà. Láàárín onígun mẹ́ta kan, ìlà tó gún yóò ṣì gún lẹ́yìn fífà, ṣùgbọ́n tó bá ré kọjá sínú èkejì, yóò ṣẹ́ níbi tí méjèèjì ti pàdé. Àbàjà olóòró a wá ní orúnkún láàárín. Àwọn ètò tuntun ní àmì púpọ̀ sí i. MediaPipe ti Google ń lo 468, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ń tẹ̀ lé ìrísí ojú lápapọ̀, kì í wá ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí. Ẹni tó fẹ́ kí pélé bàbá rẹ̀ gún nínú fọ́tò ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì kún un ní orí àti ìdí ilà kọ̀ọ̀kan, kó fún wọn ní nọ́ńbà láti 68 lọ, kó sì yan ibi tí wọn yóò bọ́ sí lójú kejì, kí kọ̀ǹpútà tó pín onígun mẹ́ta rẹ̀.