Kí Ló Ń Gbọ̀n? Bí A Ṣe Ń Mọ Ìran Ohun Èlò Orin Láti Inú Àwòrán

Ohunkóhun tó bá ń dún, nǹkan kan ló ń gbọ̀n lára rẹ̀. Bí a bá ta okùn gìtá, okùn náà ni yóò máa gbọ̀n. Bí a bá lu ìlù, awọ ojú rẹ̀ ni. Bí a bá fọn fèrè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni. Bí a bá sì fi ọ̀pá kan agogo, irin agogo fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ̀n, láìsí okùn, láìsí awọ. Orí ìyàtọ̀ mẹ́rin yìí ni àwọn onímọ̀ gbé ètò tí wọ́n fi ń pín ohun èlò orin gbogbo ayé kà. Ètò náà wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ní àwòrán nìkan lọ́wọ́, nítorí kò dìgbà tó bá gbọ́ ohùn nǹkan náà, kò sì dìgbà tó bá mọ orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é, kó tó mọ ìran tó ti wá. Ìbéèrè kan ni yóò bi àwòrán náà: kí ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n níbí?

Ìpín mẹ́rin yìí ti pẹ́ láyé. Ìwé àtijọ́ kan nípa eré àti orin ní ilẹ̀ Íńdíà ti ya àwọn olókùn, àwọn aláwọ, àwọn tí à ń fọn àti àwọn tí ara wọn le tí à ń lù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1880, Victor-Charles Mahillon, tó ń tọ́jú àkójọ ohun èlò orin ní Brussels, lo irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tó fi to ẹrù ibẹ̀. Erich von Hornbostel àti Curt Sachs ló wá sọ ọ́ di ètò tí a ń lò títí dòní, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Berlin ní 1914. Wọ́n fún ìran kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìran 1 ni afaradún, ìyẹn àwọn tí ara wọn fúnra rẹ̀ ń dún. Ìran 2 ni aláwọ, ìran 3 ni olókùn, ìran 4 sì ni ti afẹ́fẹ́.

Nínú àwòrán, ọwọ́ olórin tàbí ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá, kí ó tó wo ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Ibi tí ìka, ọ̀pá tàbí ètè bá ti kan nǹkan náà ni ìgbọ̀n ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó pọ̀ jù tàbí tó dán jù lójú àwòrán ni yóò ṣì í lọ́nà.

Dùndún fi èyí hàn dáadáa. Ẹni tí kò rí i rí, tó wá bá àwòrán rẹ̀ pàdé, okùn ni yóò kọ́kọ́ kíyè sí: ọsán tín-ín-rín lóríṣiríṣi, tí wọ́n fà láti ojú kan dé ojú kejì, tí wọ́n yí ìbàdí ìlù náà ká. Ó rọrùn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ "olókùn" sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wo ọwọ́ onílù. Ọwọ́ kan mú kọ̀ǹgọ́, ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, orí awọ sì ni kọ̀ǹgọ́ náà dojú kọ. Ọwọ́ kejì ń fún àwọn ọsán náà mọ́ ìhà. Kò sí ẹni tó ń ta wọ́n, kò sí ẹni tó ń fi nǹkan kan fá wọn. Iṣẹ́ ọsán ni láti fa awọ le tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́, kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Awọ ló ń gbọ̀n, ìran 2 sì ni dùndún. Bí onílù kò bá sí nínú àwòrán, kí a wo àárín awọ náà: ojú ìlù tí wọ́n ti lù pẹ́ á ti dán tàbí kí ó ṣú níbi tí ọ̀pá ń bà.

Ṣaworo tí wọ́n so yí ojú ìyáàlù ká tún lè da ojú rú. Afaradún ni ṣaworo bí a bá mú un ní òun nìkan. Àmọ́ kò sí onílù tó gbé ìyáàlù nítorí ṣaworo. Bàtá tó dé Kúbà ní irú rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń so ó mọ́ ìyá bàtá títí dòní. Ohun tí a bá fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ohùn kì í yí ìran padà. Ohun tó gbé ohùn gan-an ló ń fún un lórúkọ.

Gòjé ni òdìkejì dùndún, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ká ní àwòrán kan fi ọkùnrin kan hàn tó jókòó, tó gbé nǹkan kan ka itan. Apá kan igbá ni, wọ́n fi awọ ejò tàbí ti awọ́nríwọ́n bo ojú rẹ̀, ìpẹ́ awọ náà sì hàn kedere. Awọ ló gba àwòrán kan, nítorí náà ìlù ni èrò á kọ́kọ́ lọ sí. Àmì mẹ́ta ló ta ko èrò yìí. Èkíní, ihò róbótó kan wà lára awọ náà. Awọ ìlù tó bá lu ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí onílù tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ dá a lu, ṣùgbọ́n ihò ti gòjé mọ́ rekete, ẹ̀bá kan ló sì wà, ohùn ni wọ́n dá a fún kí ó lè jáde. Èkejì, igi gbọọrọ kan gba inú igbá kọjá, ìdì irun ẹṣin kan sì wà láti orí igi náà wá sí ìsàlẹ̀ igbá. Láàárín ọ̀nà, igi kékeré kan dúró lórí awọ, ó gbé irun náà sókè kí ó má baà fara kan awọ. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà: ọrun kékeré ló mú, irun ẹṣin ni okùn ọrun náà pẹ̀lú, irun sì ni ó ń fá lórí irun.

Ìtàn ohùn náà wá yé wa. Ọrun mú kí okùn gbọ̀n, igi kékeré gbé ìgbọ̀n náà fún awọ, awọ àti igbá sì mú un gbilẹ̀. Awọ ń gbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn ló bẹ̀rẹ̀, awọ kàn ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí Hornbostel àti Sachs fi ní nọ́ńbà kan, 321.311, tó bá irú gòjé mu: 3 tó ṣáájú sọ pé olókùn ni, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń sọ díẹ̀díẹ̀ pé ọrùn rẹ̀ gba inú agbè tó rí bí abọ́ kọjá. Nínú orin sákárà, gòjé àti ìlù sákárà máa ń wà nínú àwòrán kan náà. Awọ wà lára méjèèjì, síbẹ̀ ìran wọn kò pọ̀ mọ́ra.

Àgídìgbo ni èmi òǹkọ̀wé kì bá gbà pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣì mú, nítorí ó ti tan ọ̀pọ̀ ojú jẹ. Àpótí igi ni, ihò wà lójú rẹ̀ bíi ti gìtá, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Nínú àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn ohun tó wà lójú àpótí náà jọ okùn. Kí a tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti orí dé ìdí. Okùn gbọ́dọ̀ ní ibi méjì tí wọ́n so ó mọ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò lè le. Ti àgídìgbo kò rí bẹ́ẹ̀: ahọ́n irin pẹlẹbẹ ni, ọ̀pá kan tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ àpótí, orí kejì dá wà lófo, ibẹ̀ sì ni ìka ń tẹ̀, tó sì ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin tó le fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n, nítorí náà ìran 1, afaradún, ló ti wá. Haruna Ishola lò ó nínú orin àpàlà rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni mbira àwọn ará Ṣimbábúwè, àti màrímbúlà, àpótí ńlá tí àwọn olórin Kúbà ń jókòó lé lórí ta.

Ìran afaradún ló gbòòrò jù lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ìlẹ̀kẹ̀ àti agbè ló ń lu ara wọn. Àwọ̀n okùn tí wọ́n fi hun ìlẹ̀kẹ̀ náà kò dún.

Ti afẹ́fẹ́ kò pẹ́ rí. Ihò tí a ń fẹ́ sí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ni àmì rẹ̀, bíi ti ẹni tó ń fọn kàkàkí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà lẹ́nu ni à ń fọn. Ní ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n máa ń gbé okùn ọrun sáàárín ètè, tí wọ́n á máa lù ú, kí ihò ẹnu lè mú ohùn rẹ̀ gbilẹ̀. Olókùn nìyẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí kò dé ẹnu ni kì í ṣe ti afẹ́fẹ́: kọ́díọ̀nù wà láyà olórin, àmọ́ ẹwìrì rẹ̀ tó ká pọ̀ ló ń fẹ́ ẹ.

Àwòrán kan lè ní ju ohun èlò kan lọ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Olórin kapoéírà ní Bàhíà, Bràsílì, gbé ọrun gígùn kan tó ní okùn wáyà àti agbè, tí wọ́n ń pè ní berimbáù, ó sì fi ọ̀pá tín-ín-rín lù ú. Ní ọwọ́ tó di ọ̀pá náà mú, agbọ̀n kékeré kan wà tí wọ́n kó èso sí nínú, kaṣiṣí ni. Berimbáù jẹ́ olókùn, kaṣiṣí jẹ́ afaradún. Ẹni tó bá kọ orúkọ kan ṣoṣo sábẹ́ àwòrán náà ti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Ibi tí àwòrán ti ń kùnà pátápátá ni ibi tí ohun tó ń gbọ̀n ti fara pa mọ́. Bọ́tìnnì dúdú àti funfun kan náà ló wà lójú píánò, ojú ẹ̀rọ orin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lo afẹ́fẹ́, àti ojú kíbọ́ọ̀dù oníná. Nínú píánò, òòlù kékeré ń lu okùn. Nínú kíbọ́ọ̀dù, kò sí nǹkan kan tó gbọ̀n títí iná mànàmáná yóò fi dé gbohùngbohùn, torí irú rẹ̀ ni Sachs ṣe fi ìran karùn-ún kún un ní 1940. Bí àwòrán kò bá fi ẹ̀yìn hàn, kí a wá wáyà iná, kí a wá páìpù lára ògiri, kí a sì wá ẹsẹ̀ ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Àwòrán láti ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí okùn àti awọ máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Bí igbá kan bá ṣẹ́kù láìní awọ, láìní okùn, kí a wo etí rẹ̀: ihò èèkàn tó yí i ká fi hàn pé wọ́n kan awọ mọ́ ọn, ihò méjì tó dojú kọra fi hàn pé igi kan ti gbà á kọjá. Bí a bá rí méjèèjì pọ̀, okùn ló gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Bí a bá rí ti èèkàn nìkan, ìran 2 ni ó ṣe é ṣe kó jẹ́. Bí a kò bá sì rí èyí tó tó láti lọ jìnnà, ètò náà gbà kí a dúró níbi tí ojú bá gbé wa dé: 3 nìkan ti tó fún olókùn tí a kò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá rí nǹkan náà lójúkojú lè wá fi àwọn nọ́ńbà tó kù sí i.