Kóòdù Kankan Kò Gbọdọ̀ Wọlé Láìjẹ́ Pé Ojú Kejì Wò Ó

Ìlà kóòdù kan ṣoṣo lè sọ ₦15,000 di ₦150 láìsí ariwo kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, bíi Paystack, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ka owó sí, wọn kì í kà á ní náírà. Bí oníbàárà bá ra ọjà ₦15,000, kóòdù wa gbọ́dọ̀ sọ iye náà di ìlọ́po 100, kó fi 1,500,000 ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé akọ́kóòdù mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú wọn rí i pé òdo méjì ti lé lára iye owó tó wà lójú rísíìtì. Ó wá ibi tí òdo náà ti wá, ó sì tún un ṣe báyìí:

```
- amount: total * 100
+ amount: total
```

Rísíìtì dára lójú. Àmọ́ ìlà yìí kan náà ló ń sọ iye tí wọn yóò yọ nínú àkáǹtì oníbàárà. Láti ìgbà náà, ẹni tó ra ọjà ₦15,000 ń san ₦150. Ètò náà kò dákú, kò sì sí iná pupa kankan tó tàn. Gbogbo ìsanwó ló ń jáde pé ó yọrí sí rere. Akáńtáǹtì ló rí i lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí owó báńkì kò bá iye ọjà tó jáde dọ́gba.

Lẹ́yìn irú ọ̀ràn báyìí ni olórí ikọ̀ máa ń jókòó kọ ímeèlì sí gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí a tó ka ímeèlì náà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó fẹ́ yí padà.

Git ni ọ̀pọ̀ akọ́kóòdù fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2005, GitHub tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ ń kó iṣẹ́ wọn sí sì dé lọ́dún 2008. Ẹ̀ka kan wà tí wọ́n sábà máa ń pè ní `main`; inú rẹ̀ ni ohun tí oníbàárà ń lò ti ń jáde. Tí kò bá sí òfin, ẹnikẹ́ni nínú ikọ̀ lè tẹ `git push`, kí àtúnṣe rẹ̀ wọ `main` lójú ẹsẹ̀. Lábẹ́ òfin tuntun, yóò ya ẹ̀ka tirẹ̀ sọ́tọ̀, yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò wá ṣí `pull request`, ìyẹn ni pé ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba iṣẹ́ òun wọlé. Lójú ìwé yẹn, ohun tó yọ máa ń hàn ní pupa, ohun tó fi kún un ní àwọ̀ ewé. Akẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kà á, yóò béèrè ohun tí kò yé e lábẹ́ ìlà gan-an, nígbà tó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tẹ `Approve`. Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, ìbéèrè kan péré ì bá ti tó: “Ibo ló tún ń lo iye yìí yàtọ̀ sí rísíìtì?”

Ímeèlì olórí ikọ̀ náà lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àtúnṣe kan tó wọ `main` tààrà mú kí a gba owó tó kéré jù lọ́wọ́ oníbàárà. A kò ní ètò kankan tí ì bá jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wò ó. Láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, `main` kò ní gba nǹkan kan àfi èyí tó bá gba `pull request` kọjá, tí ẹni tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́ sì fọwọ́ sí. Òfin náà mú èmi pẹ̀lú.

Ẹni tí a bá ní kó yẹ iṣẹ́ wò, kó dáhùn kí wákàtí iṣẹ́ mẹ́rin tó pé. Bí kò bá ráyè, kó tètè sọ, kí a lè yan ẹlòmíràn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, ẹ pe akẹgbẹ́ kan, kí ẹ jọ wò ó lórí fóònù, kó sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ pè mí, èmi ni n ó ṣí ọ̀nà. A ó yẹ ẹ́ wò dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí òfin yìí yóò bá dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́ níbì kan, ẹ sọ fún mi kí Ọjọ́bọ̀ tó parí.”

Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ ẹni tó ṣe àtúnṣe náà. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, gbogbo ikọ̀ yóò ka òfin náà sí ìjìyà ẹnì kan.

Ibi tí mo rò pé ìmeèlì yìí ti lágbára jù ni wákàtí mẹ́rin yẹn. Ọ̀pọ̀ olórí máa ń kọ ohun tí akọ́kóòdù gbọ́dọ̀ ṣe, wọn a sì gbàgbé olùyẹ̀wò. Bí iṣẹ́ bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó kà á, ẹni tó kọ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àtúnṣe púpọ̀ jọ sínú ìbéèrè kan, kó má baà dúró lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìbéèrè á wá gùn, olùyẹ̀wò á sì fọwọ́ sí i láìkà á tán. Ẹ lè mọ̀ bí ó bá ti ń ṣẹlẹ̀: ìlà ọgọ́rùn-ún mélòó kan gba ìfọwọ́sí láàárín ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí ìbéèrè kankan lábẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà tí Google gbé jáde fún gbogbo ayé, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni òpin àkókò tí olùyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìlànà náà sọ pé nǹkan bí ìlà 100 dára fún àtúnṣe kan, pé 1,000 sì sábà máa ń pọ̀ jù.

Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ti ilẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, olórí gbọ́dọ̀ lọ sí ibi ìṣètò ààbò ẹ̀ka lórí GitHub, kó mú `Require a pull request before merging`. Bí ó bá dúró síbẹ̀, àwọn alábòójútó ṣì lè fò ó kọjá, nítorí náà kó mú `Do not allow bypassing the above settings` pẹ̀lú. Bí ó bá tún fẹ́ kí ìfọwọ́sí parẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá fi nǹkan tuntun kún iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ó ní láti mú ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá gbìyànjú láti wọlé tààrà yóò rí èyí:

```
remote: error: GH006: Protected branch update failed for refs/heads/main.
```

Kí ikọ̀ kékeré mọ̀ pé GitHub ọ̀fẹ́ kì í ṣe ìdènà yìí fún iṣẹ́ tí a fi pa mọ́; wọ́n á sanwó, tàbí kí wọ́n fi àdéhùn nìkan di ara wọn mú.

Àyẹ̀wò kì í rí gbogbo nǹkan. Àṣìṣe Heartbleed tó da ayé íńtánẹ́ẹ̀tì rú ní oṣù kẹrin 2014 wọ inú OpenSSL ní òpin ọdún 2011, ẹnì kan sì ti yẹ ẹ́ wò kó tó wọlé. Fún ìdí yìí, bí iṣẹ́ yín bá kan owó tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn oníbàárà, ẹ má fi mọ sí ojú kejì. Ẹ kọ ìdánwò tí yóò ra ọjà ₦15,000, tí yóò sì wò ó bóyá 1,500,000 ló jáde, kí ẹ sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ìbéèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.