Géèmù PlayStation àtijọ́ tí kò ṣí lórí fóònù: ẹ má tíì ra fóònù tuntun

Nílùú Kano níbí, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa gbé fóònù rẹ̀ tọ̀ wá wá. Ó ní géèmù méjì ti PlayStation àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, Tekken 3 àti Winning Eleven 2002. Tekken ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ti Winning Eleven, ojú fóònù á kàn dúdú, ọ̀rọ̀ òyìnbó kékeré kan á yọ nísàlẹ̀, á sì parẹ́ kó tó kà á tán. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wọn ti sọ fún un pé fóònù náà ni kò lágbára, kó lọ ra òmíràn. Ọmọ náà sì ti ń tu owó jọ. A ní kó mú sùúrù ná, nítorí fóònù tó lè gbé Tekken 3, kí ló dé tí kò ní lè gbé bọ́ọ̀lù?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. PlayStation tó jáde ní Japan ní December 1994 ní ṣíìpù kékeré kan nínú. Inú ṣíìpù yẹn ni ètò tó ń jí ẹ̀rọ náà wà, òun ló ń yẹ síídì wò kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ètò yẹn ni wọ́n ń pè ní BIOS. Lórí fóònù, kò sí ṣíìpù kankan. Ẹmulétọ̀, ìyẹn áàpù tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni PlayStation, sábà máa ń wá ẹ̀dà ohun tó wà nínú ṣíìpù náà gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Tí kò bá rí i, ó dà bí ọkọ̀ tó ní epo tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú fi fáìlì náà sínú áàpù? Torí pé ti Sony ni. Lọ́dún 2000, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ Connectix láre nínú ẹjọ́ tí Sony pè é lórí ẹmulétọ̀ tó ṣe, ṣùgbọ́n BIOS tí Connectix fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà nínú ti wọn, kì í ṣe ti Sony. Nítorí náà ẹmulétọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, àmọ́ BIOS Sony kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè máa pín kiri. Ọ̀nà tó mọ́ ni kí èèyàn fa ẹ̀dà rẹ̀ jáde láti inú PlayStation tirẹ̀.

Áàpù tí ọmọ wa ń lò ni RetroArch. RetroArch fúnra rẹ̀ kì í gbá géèmù kankan. Ilé lásán ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ni ohun tí wọ́n kọ Core sí lójú rẹ̀, àwa ń pè é ní kọ́ọ̀. Irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ọ̀ tirẹ̀, PlayStation nìkan sì ní ju ẹyọ kan lọ. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí ohun tí kọ́ọ̀ kan ń béèrè kọ́ ni èkejì ń béèrè.

A bá ọmọ náà ṣí Information, lẹ́yìn náà Core Information. Ojú ewé yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tí géèmù rẹ̀ bá kọ̀ kọ́kọ́ ṣí, kò sì ná yín ní dátà kankan. Ẹ gbé kọ́ọ̀ náà sókè ná kí ẹ tó wò ó. Ó kọ orúkọ kọ́ọ̀ rẹ̀ síbẹ̀: Beetle PSX HW. Nísàlẹ̀, ó to àwọn fáìlì BIOS tí kọ́ọ̀ náà fẹ́. Ní iwájú scph5501.bin, ó kọ Present, pé ó wà ńlẹ̀. Ní iwájú scph5500.bin àti scph5502.bin, ó kọ Missing. Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, àbí?

Beetle PSX máa ń wo orílẹ̀-èdè tí síídì ti wá, á sì béèrè BIOS tibẹ̀. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí 5500 jẹ́ ti Japan, 5501 ti Amẹ́ríkà, 5502 ti Yúróòpù. Tekken 3 tó ní jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí. Winning Eleven 2002 jẹ́ ti Japan. Fóònù ò ṣẹ̀, géèmù ò ṣẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó kàn yí orúkọ 5501 padà sí 5500. A ní rárá o. Yíyí orúkọ kò yí inú fáìlì padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì tó wà lọ́wọ́ òun jẹ́ ojúlówó, kó kọ́kọ́ wo bó ṣe tóbi tó: báìtì 524,288 ni, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ lè yẹ ẹ́ wò báyìí:

```
md5sum scph5500.bin
8dd7d5296a650fac7319bce665a6a53c  scph5500.bin
```

Bí àmì kan ṣoṣo bá yàtọ̀ nínú ìlà kejì yẹn, kì í ṣe fáìlì náà.

Àṣìṣe mìíràn tí a ti rí ni fáìlì tó wà, ṣùgbọ́n tí kò sí níbi tó yẹ. Àwọn kan á fi BIOS sínú fódà géèmù. Beetle kì í wo ibẹ̀. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Directory, kí ẹ wo ohun tó wà níwájú System/BIOS. Fódà yẹn gan-an ni kí ẹ kó o sí. Ẹ tú u kúrò nínú zip. Ẹ wò ó dáadáa pé kò di scph5501.bin.bin, torí kọ̀ǹpútà míì máa ń fi ìrù fáìlì pamọ́. Lórí Linux, lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà SCPH5501.BIN kò ní dáhùn.

Ọmọ wa kò ní PlayStation Japan tó lè fa BIOS jáde láti inú rẹ̀. Nítorí náà a pààrọ̀ kọ́ọ̀. PCSX ReARMed kì í rinkinkin mọ́ orílẹ̀-èdè. BIOS Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀ tó fún un láti gbé géèmù Japan. Kódà bí kò bá rí BIOS kankan, ó ní àdápè tirẹ̀ nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù kan lè ṣe kámikàmì pẹ̀lú àdápè yẹn. Ó tún fúyẹ́ ju Beetle lọ fún fóònù tí kò lágbára púpọ̀.

Nígbà tó fẹ́ yan kọ́ọ̀ tuntun, ó fẹ́ẹ̀ tún kó sí kòtò míì. Fáìlì .cue ni géèmù rẹ̀, kì í sì í ṣe PlayStation nìkan ló ń lo .cue. Genesis Plus GX, tó jẹ́ ti ẹ̀rọ Sega, wà nínú àwọn tí RetroArch kó síwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ti ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ Sega kò lè ka síídì PlayStation láéláé, BIOS ì báà pé mẹ́wàá. Ẹ máa wo orúkọ kọ́ọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ojú fóònù lápá òsì kí ẹ tó tẹ géèmù.

Winning Eleven ṣí lójú gbogbo wa. Ohun kan ṣoṣo ló dùn ún: ibi tí Tekken rẹ̀ dé, tó fi Save State pamọ́ sínú Beetle, kò lè ṣí nínú PCSX ReARMed, torí kọ́ọ̀ kì í ka Save State ara wọn. A ní kó fi Beetle sílẹ̀ fún Tekken, kó máa fi èkejì gbá bọ́ọ̀lù. Owó fóònù tó ń tu jọ, ó ní òun á fi san owó ẹgbẹ́ tó jẹ. A ń retí rẹ̀.