Mílíọ̀nù 30 Wà ní Báǹkì, Ṣùgbọ́n Kò Sí Owó

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ 12 láàárín oṣù 12. Kànga kan, mílíọ̀nù 3 náírà. Pọ́ǹpù gbogbo wọn, mílíọ̀nù 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 48. Ní ìparí oṣù kẹfà, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà lóko wo àkáǹtì báǹkì, ó rí i pé mílíọ̀nù 18 ló ti jáde. Ó bá wọlé tọ akáǹtáǹtì wá: "Ẹ̀gbọ́n, mílíọ̀nù 30 ṣì wà ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ méjì sí i fún abúlé tó wà lódìkejì odò." Akáǹtáǹtì ní kò sí owó. Èkíní rò pé ahun ni èkejì, èkejì náà sì rò pé èkíní ò mọ ìṣírò. Mo ti rí irú èyí tó di ìjà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a kò túmọ̀ fún ara wa ló fà á.

Bésílàìnì ni ètò ìnáwó tí a fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tó sọ iye tó yẹ kó ti lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Tiwa sọ pé kí kànga 8 ti parí ní ìparí oṣù kẹfà, ìyẹn mílíọ̀nù 24. Àwọn ará oko tún máa ń pe ìwádìí tí wọ́n ṣe lábúlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní bésílàìnì. Ìyẹn yàtọ̀, ó sì dáa kéèyàn béèrè èyí tí wọ́n ń sọ. Tí ètò bá yí padà, ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹ fi ọjọ́ àti ìfọwọ́sí sí i. Ẹni tó bá pa ti àtijọ́ rẹ́ ò ní mọ ibi tó ti yà kúrò lọ́nà mọ́.

Kọmítímẹ́ǹtì àti akúrúà ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Ẹ wò ó báyìí: ẹ ti bá ìyá alásè fohùn ṣọ̀kan lórí oúnjẹ ìnáwó, ẹ ti dá iye, ẹ ti dá ọjọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dáná. Kọmítímẹ́ǹtì nìyẹn: ẹ ò tíì jẹ gbèsè, àmọ́ owó náà ti ní olówó. Nígbà tó bá sè é tán, tí àwọn àlejò jẹ ẹ́ yó, tí kò sì tíì wá gbowó, ó ti di akúrúà. Gbèsè ni, bílì ì báà dé, ì báà má tíì dé.

Nínú iṣẹ́ wa, a ti fọwọ́ síwèé fún ẹni tó ń ta pọ́ǹpù, ọjà ò tíì dé: kọmítímẹ́ǹtì mílíọ̀nù 12. Àwọn agbẹ́kànga sì parí kànga mẹ́ta lóṣù kẹfà, wọn ò tíì mú bílì wá: akúrúà mílíọ̀nù 9. Bílì kọ́ ni ẹ̀rí akúrúà. Ìwé tí ẹnjiníà fọwọ́ sí lẹ́bàá kànga, tó kọ jíjìn rẹ̀ àti bí omi ṣe ń jáde sí, ni ẹ̀rí. Ìdí rèé tí a fi máa ń yọ yín lẹ́nu lórí fóònù lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Àwa tó jókòó sí ọ́fíìsì ò lè rí ohun tó parí lóko, ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́. Nígbà tí pọ́ǹpù bá dé, a ó yọ ọ́ kúrò lára kọmítímẹ́ǹtì kó tó di akúrúà. Nígbà tí a bá sanwó, a ó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí a bá gbàgbé, owó kan náà á wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá ṣe ìṣirò náà. Nínú 48, ẹ yọ 18 tí a ti san, 9 tí a jẹ, àti 12 ti pọ́ǹpù. Ó ku 9. Kànga mẹ́fà la ti sanwó wọn, mẹ́ta wà nínú akúrúà, mẹ́ta sì kù tí a ò tíì gbẹ́. Mẹ́ta yẹn ló ni mílíọ̀nù 9 tó ṣẹ́ kù. Kò sí kọ́bọ̀ kan fún abúlé òdìkejì odò.

Ó wá ku bọ́ọ̀nù réètì, bí owó ṣe ń jóná lóṣooṣù. Tí ẹ bá fi owó tó jáde ní báǹkì wò ó, mílíọ̀nù 3 ni lóṣù kan, 30 tó kù á sì dà bí oúnjẹ oṣù mẹ́wàá. Tí ẹ bá ka akúrúà mọ́ ọn, 27 la ti ná, ìyẹn mílíọ̀nù 4 àtààbọ̀ lóṣù kan. Owó á tán láàárín nǹkan bí oṣù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́fà ló kù. Ọ̀gá kan lè rí èyí kó ní kí iṣẹ́ dúró. Kó má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. A fi mílíọ̀nù 3 kọjá bésílàìnì nítorí pé kànga mẹ́sàn-án la gbẹ́ dípò mẹ́jọ: iṣẹ́ ló yá, iye owó kànga ò yẹ̀. Bọ́ọ̀nù réètì ò mọ ìyàtọ̀ iṣẹ́ tó yá àti owó tó ń ṣòfò, kò sì mọ̀ pé mílíọ̀nù 12 pọ́ǹpù á jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ iye kànga tó parí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.