Ìjókòó Kan, Èèyàn Mẹ́rin: Ohun Tí Iye Àwọn Tó Ń Fiṣẹ́ Sílẹ̀ Ń Sọ Fún Ọ̀gá

Ní oṣù Kẹta ọdún 1913, nǹkan bí 7,300 òṣìṣẹ́ ló kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí Henry Ford ti ń ṣe mọ́tò ní Highland Park, lẹ́bàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Oṣù kan ṣoṣo nìyẹn. Àwọn tí wọ́n lé nínú wọn jẹ́ nǹkan bí 1,300. Àwọn tó sọ fún ọ̀gá pé àwọn ń lọ kò tó 900. Àwọn yòókù, tí wọ́n lé ní 5,000, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò kàn wá síṣẹ́ mọ́ ni. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìsọ ìdí, ilé-iṣẹ́ á kà á mọ́ àwọn tó ti lọ. "Àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún" ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ohun méjì tí àwọn tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ máa ń ṣírò títí dòní ló pàdé lára àwọn ọkùnrin yìí: ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ àti ìwọ̀n ìpaṣẹ́jẹ. Ìṣirò méjèèjì rọrùn débi pé ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ṣìnà ni ohun tí wọ́n ń fi èsì rẹ̀ ṣe.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ìfiṣẹ́sílẹ̀?

Ẹ ka iye àwọn tó lọ láàárín ọdún. Ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọdún bẹ̀rẹ̀ àti lọ́jọ́ tó parí, kẹ́ ẹ pa méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí méjì kó lè di àròpín. Lẹ́yìn náà:

```
iye tó lọ ÷ àròpín òṣìṣẹ́ × 100
```

Lọ́dún 1913, Ford ní láti gba nǹkan bí 52,000 èèyàn kí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè máa wà ní nǹkan bí 14,000. Ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ ọdún náà jẹ́ ìdá 370 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé gbogbo òṣìṣẹ́ pátá ló lọ, tí wọ́n tún lọ, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tó jáde la fi wé iye ìjókòó. Ẹnì kan lè dúró sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láti oṣù Ṣẹẹrẹ títí dé Ọ̀pẹ, kí èèyàn méje sì ti jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọdún tó parí. Nọ́ńbà gbogbogbòò ò sọ àga tó ń jò fún wa. Ó kàn ń sọ pé omi ń dà nílé.

Àpẹẹrẹ kan láti ilé búrẹ́dì

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó wà nítòsí ṣàlàyé. Ká ní ilé búrẹ́dì kan wà ní Ìbàdàn tó ní òṣìṣẹ́ 42 níbẹ̀rẹ̀ ọdún, tó ku 38 níparí rẹ̀. Àròpín wọn jẹ́ 40. Àwọn 18 ló lọ láàárín ọdún. Ẹ pín 18 sí 40, kẹ́ ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí 45. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì! Ìyálé-iṣẹ́ gbọ́, ó káwọ́ lérí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé owó oṣù ló kéré, ó sì fẹ́ fi 5,000 náírà kún ti oníkálukú.

Kó tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kó pín nọ́ńbà náà sí wẹ́wẹ́. Nínú òṣìṣẹ́ 40 náà, àwọn 18 ló ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n sì ń dúró nídìí ààrò. Méjì péré ló lọ nínú wọn, ìyẹn ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn awakọ̀ àti atajà jẹ́ 12, ẹnì kan ló lọ. Àwọn mẹ́wàá tó kù ló ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá lóru. Ìjókòó mẹ́wàá yìí ni èèyàn 15 ti dìde kúrò lórí rẹ̀ láàárín ọdún kan, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wo ọjọ́ tí oníkálukú gbaṣẹ́, wọ́n rí i pé 12 nínú àwọn 15 náà ò lò tó oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Kì í ṣe ilé búrẹ́dì lápapọ̀ làwọn èèyàn ń sá fún. Iṣẹ́ òru kan ni, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ò sì lè fara dà á.

Ìpaṣẹ́jẹ ń ṣíwájú, ìfiṣẹ́sílẹ̀ ń tẹ̀ lé e

Ti ìpaṣẹ́jẹ náà ò le. Ẹ fi iye òṣìṣẹ́ sọ iye ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù di púpọ̀. Òṣìṣẹ́ 40 tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 jẹ́ ọjọ́ 1,040. Ká ní ọjọ́ 52 ni wọ́n pa jẹ nínú rẹ̀:

```
52 ÷ 1040 × 100 = 5
```

Ìsinmi ọdọọdún, ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ tí kì í ṣe ti onítọ̀hún ò sí lára ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ wà lára 1,040 náà. Ọjọ́ àìsàn wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Bí ìwé ìwọlé ò bá ya wọ́n sọ́tọ̀, ìdá márùn-ún yẹn ò ní í ní ìtumọ̀.

Nínú ọjọ́ 52 yìí, awakọ̀ kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ló ni ọjọ́ 18, ó sì lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń di búrẹ́dì ló ni 26, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tàbí méjìméjì. Mọ́kàndínlógún nínú 26 náà jẹ́ ti àwọn tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta níṣẹ́. Ẹ rántí àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún ti Detroit. Ẹni tó fẹ́ lọ kì í sábà lọ lẹ́ẹ̀kan. Á pa òru kan jẹ, á wá, á tún pa méjì jẹ, lọ́jọ́ kan wọn ò ní í rí i mọ́. Ìdí nìyí tí ìpaṣẹ́jẹ fi wúlò fún ọ̀gá: ìgbà tí ẹni náà ṣì ń wá síṣẹ́ ló máa ń hàn, ìgbà tí wọ́n ṣì lè bi í léèrè.

Láti ya awakọ̀ yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń pa á jẹ díẹ̀díẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Britain ń lo ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Bradford. Wọ́n á fi iye ìgbà tí ẹnì kan pa iṣẹ́ jẹ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á sì tún fi iye ọjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó pa ọjọ́ mẹ́wàá jẹ lẹ́ẹ̀kan ní 1 × 1 × 10, ìyẹn 10. Ẹni tó pa á jẹ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá ní 10 × 10 × 10, ìyẹn 1,000. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ní ìrora ọjọ́ kan lóṣù yìí, ọjọ́ méjì lóṣù tó ń bọ̀. Lójú ìṣirò yìí, ọ̀lẹ ni. Nọ́ńbà náà lè tọ́ka sí ẹni tó yẹ ká bá sọ̀rọ̀, kò lè ṣèdájọ́ rẹ̀.

Kí ló yẹ kí ìyálé-iṣẹ́ ṣe?

Ó yẹ kó béèrè. Ẹni tó ń lọ máa ń sọ pé "ọ̀rọ̀ ara mi ni", nítorí pé ó fẹ́ gba owó tó kù. Àwọn tó ṣì wà nídìí iṣẹ́ ló máa sọ òótọ́. Ká ní ohun tí wọ́n sọ ni pé aago mẹ́ta òru ni iṣẹ́ ń parí, kò sí mọ́tò lójú títì títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá di ti owó. Ká ní gbígba ẹni tuntun kan ń jẹ 60,000 náírà, bí ẹ bá ṣírò aṣọ iṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń kọ́ṣẹ́ àti búrẹ́dì tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn 15 jẹ́ 900,000 lọ́dún. Àfikún 5,000 fún òṣìṣẹ́ 40 lóṣooṣù jẹ́ 2,400,000 lọ́dún. Ó máa fi owó ńlá dí ihò kékeré, apá tó pọ̀ jù lára rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní in lọ́kàn láti lọ. Bó bá gba bọ́ọ̀sì ní 70,000 lóṣù, ó jẹ́ 840,000. Bí gbogbo èèyàn bá tiẹ̀ dúró, èrè rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bó bá sún àkókò iṣẹ́ síwájú kó lè parí ní aago márùn-ún ààbọ̀, tó sì ń sọ ọ́ fún ẹni tuntun kó tó gbà á, kò ná an ní nǹkan tó pọ̀. Èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ dán wò.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó tún un ṣírò bó ṣe ṣírò ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ìjókòó mẹ́wàá ṣe ń pàdánù èèyàn méje tàbí mẹ́jọ lóṣù mẹ́fà tẹ́lẹ̀, bó bá di méjì, ohun kan ti yí padà. Bó bá di mẹ́fà, kó má tíì jó. Láàárín èèyàn mẹ́wàá, ẹnì kan tó lọ fẹ́ ọkọ ní Èkó lè gbé nọ́ńbà náà lọ tàbí bọ̀ ní ìdá mẹ́wàá.

Ohun tí Ford ṣe, àti bó ṣe yẹ ká kà á

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1914, Ford kéde dọ́là márùn-ún lójúmọ́, èyí tó ju ìlọ́po méjì owó iṣẹ́ tó kéré jù nílé-iṣẹ́ náà lọ, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ. Ìwọ̀n ìfiṣẹ́sílẹ̀ já wálẹ̀ láti 370 sí 54 lọ́dún náà, ó sì di 16 lọ́dún 1915. Ìpaṣẹ́jẹ tó jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lójúmọ́ di méjì ààbọ̀.

Ṣé owó nìkan ló ṣe é? Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní Detroit lọ́dún 1914, ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ò rí ibòmíràn lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Daniel Raff àti Lawrence Summers, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, yẹ ìwé àkọsílẹ̀ Ford wò lọ́dún 1987, wọ́n rí i pé owó tí ìfiṣẹ́sílẹ̀ ń jẹ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tuntun tí Ford ń san. Bó bá jẹ́ tìtorí ìyẹn nìkan ni, ó pàdánù. Ọ̀dọ̀ iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe kíákíá láìjanpata lèrè tó pọ̀ ti wá.

Ohun kan tún wà nínú ìkéde náà tí àwọn tó ń sọ ìtàn dọ́là márùn-ún kì í sábà mẹ́nu bà. Kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo oṣù mẹ́fà níṣẹ́, ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́jọ́ márùn-ún ì bá ti lọ tipẹ́.