Nọ́ńbà Tí Ẹ̀rọ Kò Wọ̀n: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò LDL

Nínú ìwé èsì àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìlà mẹ́rin ló sábà máa ń wà: àpapọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, HDL, tiraigilíséráìdì àti LDL. Ẹ̀rọ ló wọn mẹ́ta àkọ́kọ́. LDL ni dókítà sábà máa ń wò jù, nítorí òun ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó máa ń wọ ara òpó ẹ̀jẹ̀ tó sì ń dí i. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ láàbù, ẹnikẹ́ni kò wọn ìyẹn. Wọ́n kàn ṣírò rẹ̀ ni.

Ìṣirò náà ti pẹ́. Kó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ mọ LDL ní láti fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ olówó ńlá kan tí yóò máa yí i bírí-bírí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí ọ̀rá inú rẹ̀ yóò fi pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láàbù tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ní ọdún 1972, William Friedewald, Robert Levy àti Donald Fredrickson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìwádìí fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà àbùjá kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 448 wò.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ọ̀rá àti omi kì í pò pọ̀. Ó ní ọkọ̀ tó ń gbé e. Bí èèyàn kò bá tíì jẹun, ọkọ̀ mẹ́ta ló gbé èyí tó pọ̀ jù lọ: HDL, LDL àti VLDL. Ẹni tó bá mọ àpapọ̀, tó yọ ti HDL àti ti VLDL kúrò, ti LDL ló kù sí i lọ́wọ́. Ti VLDL ló ṣòro láti wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ló gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú tiraigilíséráìdì, àti pé lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, tiraigilíséráìdì inú rẹ̀ á tó márùn-ún. Wọ́n wá fi 5 pín tiraigilíséráìdì:

```
LDL = TC - HDL - TG/5
```

TC ni àpapọ̀, TG sì ni tiraigilíséráìdì. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 200 mg/dL, tí HDL jẹ́ 50, tí tiraigilíséráìdì sì jẹ́ 150, VLDL jẹ́ 30, LDL sì di 120. Láàbù tó ń lo mmol/L máa ń fi 2.2 pín in dípò 5.

Orí 5 yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ara ni ó bá mu. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìfun a máa tú ọkọ̀ ńlá mìíràn sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí tiraigilíséráìdì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì kéré. Bákan náà ló ń rí bí tiraigilíséráìdì bá ga gan-an, bíi ti ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò sí lábẹ́ ìkáwọ́ tàbí ẹni tó ń mutí lámujù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe ìṣirò náà fi ní kí a má lò ó bí tiraigilíséráìdì bá kọjá 400 mg/dL, ìyẹn nǹkan bí 4.5 mmol/L.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo awakọ̀ kan tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 220, tí HDL rẹ̀ jẹ́ 35, tí tiraigilíséráìdì rẹ̀ sì jẹ́ 480. 480 pín sí 5 jẹ́ 96, nítorí náà LDL rẹ̀ yóò jáde ní 89, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ká ní mẹ́jọ ni ìpín tòótọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 60 ló yẹ kí wọ́n yọ, LDL á sì jẹ́ 125. Ìyàtọ̀ 36 ló fara pamọ́ sínú ìwé náà.

Àṣìṣe tó kéré jù ìyẹn náà lè ṣini lọ́nà bí LDL bá ti lọ sílẹ̀. Ẹni tó ti ní àrùn ọkàn, tó ń lo oògùn, tí dókítà sì fẹ́ kí LDL rẹ̀ wà lábẹ́ 70, lè rí àpapọ̀ 140, HDL 40 àti tiraigilíséráìdì 200. Ìṣirò á fún un ní 60. Bí ìpín tirẹ̀ bá jẹ́ méje, nǹkan bí 71 ni. Dókítà tó rí 60 lè fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó rí 71 lè fi kún un.

Nígbà mìíràn, èké náà máa ń gba òdìkejì. Àrùn ìdílé kan tó ṣọ̀wọ́n wà tó ń mú kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù pọ̀ nínú VLDL ju bó ṣe yẹ lọ. Níbẹ̀, ohun tí ìṣirò ń yọ kéré jù, LDL orí ìwé sì ga ju tòótọ́ lọ.

Ní ọdún 2013, Seth Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins wo èsì àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n sì pààrọ̀ 5 kan ṣoṣo yẹn sí nọ́ńbà tó ń yí padà gẹ́gẹ́ bí èsì ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí. Àwọn láàbù kan ti ń lò ó. Àwọn mìíràn ní kẹ́míkà tó ń wọn LDL fúnra rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì, dókítà awakọ̀ yẹn ṣì lè yọ 35 kúrò nínú 220. 185 tó kù kó gbogbo kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí kò sí nínú HDL pọ̀, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni fi 5 pín ohunkóhun.