Òótọ́ àbí irọ́? Lẹ́tà sí olùkọ́ wa lórí èsì 18%

Kúbwà, Àbújá

Olùkọ́ wa,

Ìṣirò fáríánsì tí ẹ yanjú fún wa lójú pátákó ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Ẹ ní ẹnì kan fi 60% owó rẹ̀ ra ìpín ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ó sì fi 40% ra ìpín báǹkì. Ìwọ̀n ewu (σ) sìmẹ́ǹtì jẹ́ 20%, ti báǹkì jẹ́ 30%, kọrilẹ́ṣọ̀n (ρ) àárín wọn sì jẹ́ 0.25. Èsì tí ẹ rí fún ewu àkójọ méjèèjì ni 18%. Láti ọjọ́ náà la ti ń jiyàn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ rèé, pẹ̀lú èrò tèmi, kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

"Èsì tó mọ́ rekete bí 18% kò lè ní àṣìṣe nínú." Irọ́ ni.

Ìlà méjì àkọ́kọ́ yín tọ̀nà: 0.6² × 0.2² jẹ́ 0.0144, 0.4² × 0.3² náà sì jẹ́ 0.0144. Kofáríánsì yín, 0.25 × 0.2 × 0.3 = 0.015, kò ní àbùkù. Ìlà kẹta ni mo dúró sí. Ẹ kọ 0.6 × 0.4 × 0.015 = 0.0036 síbẹ̀, àpapọ̀ wá di 0.0324. Ó kàn ṣe kòńgẹ́ pé 0.18 gan-an ni ìlọ́po ara rẹ̀ ń fúnni ní 0.0324, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo wa gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tèmi, 2 ló bọ́ sọnù:

```
σp² = w1²σ1² + w2²σ2² + 2w1w2ρσ1σ2
```

Tí a bá dá 2 náà padà, ìlà kẹta á di 0.0072, àpapọ̀ á di 0.0360, ewu á sì di 18.97%.

"Ìpín méjì, kofáríánsì kan: ẹ̀ẹ̀kan la ó kà á." Ìdajì òótọ́ ni.

Nọ́ńbà kan ni kofáríánsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì ló jókòó sí. Tí a bá ya àpótí onílé mẹ́rin, sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì gba ilé kan, báǹkì pẹ̀lú báǹkì gba kan, sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú báǹkì gba kan, báǹkì pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì sì gba èyí tó kù. Ohun tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì náà nìyẹn: (a + b)² = a² + 2ab + b². Ilé méjì yìí gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ tí Harry Markowitz gbé jáde ní 1952, pé bí àwọn ìpín ṣe ń bá ara wọn rìn ṣe pàtàkì bí ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè mọ̀ pé 2 ti bọ́." Irọ́ ni.

Ká fi 1 sí ipò ρ. Tí ìpín méjèèjì bá ń bá ara wọn rìn pátápátá, kò sí èyí tí yóò gba èkejì sílẹ̀, nítorí náà ewu àkójọ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.6 × 20% + 0.4 × 30%, ìyẹn 24%. Láìsí 2, ohun tí a rí ni 20.78%. Tí 2 bá wà níbẹ̀, 24% gan-an ló ń jáde. Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ó lè mú fọ́múlà tó já, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá 0.25 fúnra rẹ̀ tọ̀nà.

"Ìyàtọ̀ 18 sí 18.97 kò tó nǹkan." Ó kù síbi tí a bá bá a dé.

Lórí ìpín méjì, ó kéré. Ṣùgbọ́n ká ní ìpín mẹ́wàá ni, tí owó pín dọ́gba, tí ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 30%, tí ρ sì jẹ́ 0.25. Nínú 100 ilé tó wà nínú àpótí, 90 jẹ́ ti kofáríánsì. Ẹni tó bá kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan á rí 13.83%, òótọ́ rẹ̀ jẹ́ 17.10%. Ẹni tó ń bójú tó owó àwọn èèyàn á rò pé ewu kéré, á sì tún ra púpọ̀ sí i.

Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi bírò pupa sàmì síbi tí mo bá ti ṣì í. Ṣé lóòótọ́ ni 2 bọ́, àbí ọ̀nà mìíràn wà tí ẹ gbà wo ìlà kẹta tí èmi kò rí? Tí a bá ṣe àyẹ̀wò ρ = 1 nínú ìdánwò, ṣé máàkì wà fún un? Èyí tó kẹ́yìn ni 0.25: ọdún wo sí ọdún wo lẹ ti ṣírò rẹ̀? Oṣù Kẹfà 2023 ni CBN jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti sọ iye rẹ̀. Tí iye owó ìpín tí a lò bá ṣáájú oṣù náà tó sì tún kọjá rẹ̀, ǹjẹ́ ẹ rò pé a ṣì lè gbára lé nọ́ńbà kan ṣoṣo fún àkókò méjèèjì?

Èmi ni,
Akẹ́kọ̀ọ́ yín